Odi Ọgbà Lórí Ilẹ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: Ibi Tí Àtẹ̀gùn, Òpó àti Àlàfo Ti Ń Pàdé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin onílé, ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bíríkìlà ẹlẹgbẹ́ mi. Odi ọgbà ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n mọ sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìbàdàn la wà, òkè àti kòtò ni ilẹ̀ wa. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, iṣẹ́ tí kò dára tó lè fara pamọ́ fún ọdún pípẹ́. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òjò ọdún kejì ló máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Mo ti kọ́ odi tó ya rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ ni nígbà náà. Ilẹ̀ náà dà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, mo sì ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 jákèjádò. Wọ́n gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ kòtò náà dà bí ilẹ̀ òkè rẹ̀ ṣe dà. A da kónkéré sórí ibi tó dà, kónkéré náà sì gan dídà. Nígbà tí a fẹ́ to blọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kó lè dúró gbọọrọ, ṣe ni a ń fi àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì dí abẹ́ rẹ̀, tó tinrin ní apá òkè, tó sì nípọn tó íńṣì mẹ́ta ní apá ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn òjò ọdún kejì, odi náà là ní apá ìsàlẹ̀. Ẹnu ibi tó là gbòòrò lókè, ó sì kéré nílẹ̀. Ìpìlẹ̀ ti ń yọ́ rọra sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù orí rẹ̀, ó sì ń fa òpin odi lọ. Owó ara mi ni mo fi tún un kọ́. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo mú wá fún yín lónìí.

Ohun náà ni pé lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ bọ́ sí ojú kan náà: ibi tí ìpìlẹ̀ ti gun àtẹ̀gùn, ibi tí òpó dúró sí, àti ibi tí a fi àlàfo sílẹ̀ kí odi lè mí. Tí ẹ bá dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rò, wọn á máa bá ara wọn jà. Orí ìwé ni ẹ ti máa mú wọn pàdé, kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ kan bí àpẹẹrẹ, púlọ́ọ̀tì kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Ẹ ti fi rọ́bà olómi wọn ọ́n, ẹ sì rí i pé ìsàlẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 5 rẹlẹ̀ ju òkè lọ. Ẹ má fi ojú wò ó o, ojú máa ń tan ni jẹ lórí òkè. Rọ́bà tí omi wà nínú rẹ̀ kì í purọ́, tí atẹ́gùn kò bá sí nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 5 jẹ́ íńṣì 60. Blọ́ọ̀kù wa ga ní íńṣì 9, sìmẹ́ńtì tó wà láàárín ìlà kan àti èkejì jẹ́ nǹkan bí íńṣì 1, nítorí náà ìlà kan jẹ́ íńṣì 10. Ẹ pín 60 sí ọ̀nà mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ rí mẹ́fà. Ó túmọ̀ sí pé ìpele mẹ́fà ni ìpìlẹ̀ náà máa ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16 àti íńṣì 8, yóò sì tẹ́jú pátápátá. Láti ìpele kan sí èkejì, àtẹ̀gùn kan á sọ̀ kalẹ̀ ní íńṣì 10 géérégé.

Kí ló dé tí mo fi ta ku sórí íńṣì 10? Tí àtẹ̀gùn bá ga ní íńṣì 7 tàbí 13, ìlà blọ́ọ̀kù tó wá láti ìsàlẹ̀ kò ní bá ti òkè dọ́gba mọ́. Bíríkìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í gé blọ́ọ̀kù, á máa fi èérún àti sìmẹ́ńtì dí i. Ibi tí wọ́n bá dí bẹ́ẹ̀ ni odi ti máa ń kọ́kọ́ là.

Jíjìn kòtò ńkọ́? Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Ní apá òkè ìpele yẹn kan náà, yóò jìn ní íńṣì 34, torí ilẹ̀ ti fi íńṣì 10 ga sí i níbẹ̀. Iyèpẹ̀ tí wọ́n dà síbẹ̀ láti ibòmíràn kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń kà o. Ẹ gbẹ́ ẹ kọjá títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá síbẹ̀.

Fífẹ̀ kòtò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, kónkéré inú rẹ̀ á sì nípọn ní íńṣì 10, bákan náà pẹ̀lú gíga àtẹ̀gùn. Àwọn kan á ní íńṣì 6 tó fún fẹ́ńsì lásán. Ó lè tó lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Níbi àtẹ̀gùn, tí kónkéré bá tinrin ju bí àtẹ̀gùn ṣe ga lọ, kò ní sí ohun tó so ìpele méjèèjì pọ̀ dáadáa.

Ẹ wo bí páànù ṣe ń gun ara wọn lórí òrùlé: ti òkè á gun orí ti ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ sì ni káfíńtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpìlẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí kòtò ìpele ìsàlẹ̀ wọ abẹ́ ìpele òkè ní íńṣì 20, ìyẹn ìlọ́po méjì gíga àtẹ̀gùn. Ẹ da kónkéré ìsàlẹ̀ kún, lẹ́yìn náà kí ẹ da ti òkè kó gùn ún lórí fún íńṣì 20 náà. Tí ilẹ̀ bá ṣú kí ẹ tó dé òkè, ẹ fi irin ha ojú kónkéré tó ti gan, kí ẹ sì fi omi fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ kejì. Fún ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 100 yìí, nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 32 ni ìpìlẹ̀ nìkan yóò gbà, tí ẹ bá po àpò kan mọ́ héèdì páànù yanrìn 4 àti òkúta wẹ́wẹ́ 8.

Wàyí o, òpó. Ìpele kọ̀ọ̀kan á ní òpó mẹ́ta: ọ̀kan ní òpin kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láàárín. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 18, kò sì sí èyí tó jìnnà sí èkejì ju ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íńṣì 4 lọ. Òpó náà jẹ́ íńṣì 9 sí 9, irin mílímítà 12 mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òrùka irin mílímítà 8 ní íńṣì mẹ́jọ-mẹ́jọ. Irin yìí gbọ́dọ̀ ti wà ní ìdúró kí kónkéré ìpìlẹ̀ tó wọlé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká sínú kónkéré náà. Mo ti bá àwọn tó dúró kí ìpìlẹ̀ gan tán kí wọ́n tó gbẹ́ ihò kékeré láti ki irin bọ̀ ọ́. Irú òpó bẹ́ẹ̀, ẹ kàn fi ọwọ́ méjèèjì tì í lókè, ẹ ó rí i pé ó ń mì.

Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ blọ́ọ̀kù íńṣì 9 tí a fi kónkéré dí ihò inú rẹ̀, méje tó kù lè jẹ́ íńṣì 6. A ó fi ojú òpó sílẹ̀ bí a ṣe ń to blọ́ọ̀kù, a ó wá fi pákó dè é lẹ́yìn, a ó sì rọ kónkéré sí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ òpó kún láti ilẹ̀ dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kí wọ́n máa ṣe, kí wọ́n sì máa fi irin gún un, torí inú rẹ̀ á jẹ́ ihò-ihò tí wọn kò bá gún un.

Níbi àtẹ̀gùn, òpó méjì ló dúró sún mọ́ ara wọn: òpó ìparí ìpele òkè àti òpó ìbẹ̀rẹ̀ ìpele ìsàlẹ̀. Kónkéré ìsàlẹ̀ kan náà ni ẹsẹ̀ irin àwọn méjèèjì ká sí, torí ó wà lábẹ́ àwọn méjèèjì. Àárín wọn ni àlàfo wà. Fómù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, tó nípọn ní ìdajì íńṣì, ni ẹ máa gbé dúró síbẹ̀ láti orí kónkéré ìsàlẹ̀ títí dé orí odi. Ìpìlẹ̀ kò gé. Odi tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló gé.

Màmá kan béèrè níbí yìí pé, “Bàbá, ṣé kì í ṣe odi tí kò sí ìjánu nìyẹn? Ẹ ní kí a gé odi tó ṣọ̀kan sí mẹ́fà.” Mo dá wọn lóhùn pé, “Ẹ ṣeun, Mà. Bí ẹ kò bá gé e, òun fúnra rẹ̀ á gé ara rẹ̀, níbi tó bá wù ú.” Blọ́ọ̀kù tuntun máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ. Oòrùn sì ń jẹ́ kó nà lọ́sàn-án, kó sún kì lóru. Tí ooru ara odi bá fi 25 lórí ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì yí padà, odi ẹsẹ̀ bàtà 100 á nà tàbí sún kì tó mílímítà 7 àbọ̀. Tí ẹ bá pín in sí mẹ́fà, ohun tó kan ìpele kọ̀ọ̀kan kò ju mílímítà kan àti díẹ̀ lọ, àlàfo sì lè gbà á. Ojú àtẹ̀gùn ni ó yẹ kó wà, torí ibẹ̀ ni gíga odi ti yí padà, ibẹ̀ náà ló sì máa ń wù ú láti là.

Àwọn tó ń rẹ́ ògiri ló sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Wọ́n á rẹ́ kọjá lórí àlàfo kó lè lẹ́wà, wọ́n á tún fi ìbòrí odi kan ṣoṣo bo òpó méjèèjì lórí. Ẹ dúró tì wọ́n lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ la ojú àlàfo kí sìmẹ́ńtì tó gan, kí ìbòrí odi náà sì gé níbẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí odi yín ti wà nílẹ̀, ẹ wo bí ojú lílà ṣe rí. Èyí tó dúró gbọọrọ, tó gbòòrò bákan náà lókè àti nílẹ̀, sábà máa ń jẹ́ ti sísún kì, kò sì léwu púpọ̀. Èyí tó ń gun àárín blọ́ọ̀kù bí àkàsọ̀, tàbí tó ya ẹnu lókè tó sì pa dé nílẹ̀, ìpìlẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí òpin ibi tó là dé, ẹ kọ ọjọ́ oṣù sí i. Bó bá kọjá ìlà náà lẹ́yìn òjò, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá láti ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin kan: “Bàbá, odi ìsàlẹ̀ tó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ńkọ́?” Odi yẹn kò nílò àtẹ̀gùn, àmọ́ gbogbo omi òkè ló ń wá bá a. Ẹ ki páìpù íńṣì 3 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárín òpó kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu páìpù dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ inú, kí ẹ sì kó òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí iyèpẹ̀ má baà dí i. Ẹ wo ibi tí omi náà máa gbà lọ pẹ̀lú, torí alámùúlégbè yín wà nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó iyèpẹ̀ kún inú ọgbà kí ilẹ̀ lè tẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti fẹ́ńsì. Blọ́ọ̀kù íńṣì 6 kò lè gbé iyèpẹ̀ dúró. Bó bá ti ju ìlà méjì lọ, ògiri kónkéré onírin tí ẹnjiníà ya ló yẹ ibẹ̀, ẹ sì ti gbọ́dọ̀ kọ́ ọ kí báárò iyèpẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé.