Kí Ẹ Tó Ra Ọmọlangidi Tuntun: Ohun Tó Ń Tu Ọmọ Nínú Nígbà Tí Ilé àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Bá Yí Padà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín. Nígbà tí ìdílé kan bá fẹ́ kó lọ sí ilé mìíràn, tí àyà ọmọ sì ń já, ohun tí àwọn òbí sábà máa ń bi mí ni pé kí ni kí àwọn rà fún un. Ìdáhùn mi kì í tètè tẹ́ wọn lọ́rùn, nítorí ìbéèrè ni èmi náà fi máa ń dá wọn lóhùn: kí ni ọmọ yín máa ń dì mú tí oorun bá ń kùn ún? Àwọn kan mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn ní láti padà sílé lọ wò ó.

Ní ọdún 1951, dókítà àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Donald Winnicott, sọ̀rọ̀ níwájú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ nípa àkísà, bùláńkẹ́ẹ̀tì tàbí ọmọlangidi tí ọmọ kékeré kì í fẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́ òun, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1953. Ó ṣàlàyé pé lójú ọmọ, nǹkan náà kì í ṣe ìyá, kì í sì í ṣe ara ọmọ fúnra rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni ó wà, ibẹ̀ sì ni ọmọ ń fara tì nígbà tí ìyá kò bá sí nítòsí. Ọmọ ni ó ń yàn án, òbí kì í bá a yàn án. Winnicott kíyè sí i pẹ̀lú pé ìyá máa ń jẹ́ kí nǹkan náà dọ̀tí, kí ó tilẹ̀ máa rùn, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá fọ̀ ọ́, òun yóò já okùn tí ó so àná pọ̀ mọ́ òní fún ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ìrépé aṣọ kan tí ó ti ń fi bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn láti kékeré. Nígbà tí ọjọ́ àtikó ku ọ̀la, ìyá rẹ̀ fọ gbogbo aṣọ inú ilé, ó fọ ìrépé náà mọ́ wọn, ó sì dì í sínú páálí pẹ̀lú àwọn aṣọ ibùsùn. Bàbá rẹ̀ ra ọmọlangidi ńlá kan kí inú ọmọ lè dùn sí ilé tuntun. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ọmọ náà ju ọmọlangidi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí aṣọ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e fún un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì ní kì í ṣe tòun.

Kò sí ẹni tí ó ṣe ibi nínú àwọn òbí yìí. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n fi ohun tuntun kún ibi tí gbogbo nǹkan ti jẹ́ tuntun tẹ́lẹ̀, wọ́n sì mú ohun kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti àtijọ́ kúrò. Bí a bá tún un ṣe, báyìí ni yóò rí: a óò dẹ́kun fífọ aṣọ náà bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìṣípòpadà, kò ní wọ inú páálí rárá, báàgì ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò wà, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, bí a bá sì dé ilé tuntun, ibùsùn ọmọ ni a óò kọ́kọ́ tò kí a tó tú ẹrù ilé ìdáná, pẹ̀lú aṣọ ibùsùn àná tí a kò tíì fọ̀ lórí rẹ̀. Ọmọlangidi lè wá lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí ọmọ bá ti ní ààyè fún un.

Ohun kejì ni bí ọmọ ṣe ń sùn. Kì í ṣe gígùn ètò náà ni ó ń tù ú, bí kò ṣe pé ó mọ ohun tí ó kàn. Bí ó bá jẹ́ pé ìwẹ̀, ìtàn kan, orin kan, kí a sì pa iná ni ètò yín, kí ó wà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní alẹ́ àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rẹ yín, tí páálí sì kún ilẹ̀. Ìtàn tí ó ti mọ̀ ni kí ẹ sọ. Bí ẹ bá gbà á láàyè kí ó sùn tì yín ní alẹ́ yẹn, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé òru mélòó ni, nítorí ohun tí a kò pààlà sí máa ń ṣòro láti gbà padà.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ tuntun, aṣọ náà lè sọnù níbẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn sì lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi yìí ni ẹ̀bùn ti wúlò ní tòótọ́, kì í sì í ṣe ohun olówó gọbọi. Mo fẹ́ràn bọ́tìnnì méjì tí ó jọra, tí òbí àti ọmọ jọ yàn: ọ̀kan wà nínú àpò aṣọ ọmọ, èkejì wà lọ́wọ́ òbí, a sì sọ fún olùkọ́ kí ó má gbà á. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má fún un ní bọ́tìnnì, nítorí ó lè gbé e mì. Ìrépé aṣọ ìyá ni kí ẹ fún un.

Ìdágbére lẹ́nu ọ̀nà kò gbọdọ̀ gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ: ẹ dì mọ́ ọn, ẹ fọwọ́ kan bọ́tìnnì, ẹ sọ ìgbà tí ẹ ó padà wá. Ẹ má fi aago sọ ọ́ fún ọmọ tí kò mọ aago, ẹ ní “lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣeré ọ̀sán tán.” Ẹ má yọ́ lọ. Òbí tí ó bá yọ́ lọ lónìí yóò rí i pé ọmọ ti dì mọ́ òun ṣinṣin lọ́la, torí pé ó ti kọ́ pé kò yẹ kí òun gbé ojú kúrò lára yín.

Inú rírun ní òwúrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, tí kì í sì í sí ní Sátidé, àyà jíjá ni ó sábà máa ń jẹ́, síbẹ̀ ìrora náà kì í ṣe irọ́. Títọ̀ sórí ibùsùn náà lè padà dé fún ìgbà díẹ̀. Bí ìpayà ọmọ láti yà kúrò lọ́dọ̀ òbí bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìdínkù, tàbí tí ọmọ kò jẹun, tí kò sì gbà láti lọ sílé-ẹ̀kọ́ rárá, bọ́tìnnì kò tó mọ́. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bọ́tìnnì yóò wà lórí tábìlì lẹ́yìn tí ọmọ ti jáde. Ẹ má sáré gbé e tẹ̀lé e. Winnicott sọ pé ọmọ kì í gbàgbé nǹkan náà, kì í sì í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ó kàn ń tẹ̀síwájú láìsí i ni.