Ọ́pídéètì hẹ́ẹ̀dìfóònù: kí n tẹ̀ ẹ́ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ẹ wo ojú fóònù mi yìí. Mo ṣí áàpù Sound Connect báyìí, hẹ́ẹ̀dìfóònù Sony WH-1000XM4 tó wà lọ́wọ́ mi ló so mọ́ ọn, ó sì ti ń sọ fún mi pé ọ́pídéètì tuntun dé. Àwọn kan á tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọdún á sì yípo lórí ẹ̀. Èmi á kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ná.

Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló wà nínú hẹ́ẹ̀dìfóònù yín. Fámúwià lètò tó ń darí ẹ̀: òun ló ń bá fóònù sọ̀rọ̀, òun ló ń pa ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mọ́ yín létí. Ẹ bá ti yí i padà, ìwà ẹ̀rọ náà lè yí padà, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa dá ti àtijọ́ padà. Nítorí náà, tí wọ́n bá kàn kọ ọ́ pé àwọn mú kó ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, tí tèmi ò sì ṣàìsàn, mo máa ń dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn tójú ń kán bá mi tọ́ ọ wò. Tí wọ́n bá dárúkọ àìsàn tó ń ṣe tèmi gan-an, bíi kó máa já lórí kọ̀ǹpútà, mo máa ṣe é. Tó bá jẹ́ ti ààbò, mi ò dúró rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2025. Àwọn olùwádìí láti ilé-iṣẹ́ ERNW ní Jámánì tú àṣírí àléébù mẹ́ta nínú ṣíìpù Búlútúùtù tí Airoha ń ṣe. Bẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà CVE-2025-20700, ọ̀kan nínú wọn nìyẹn. Ṣíìpù náà wà nínú àwọn ẹ̀rọ Sony, Bose, JBL àti Marshall kan, XM4 yìí náà sì wà lára wọn. Ẹni tó bá jókòó bíi mítà mẹ́wàá sí yín lè wọ inú hẹ́ẹ̀dìfóònù náà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i, kó kó kọ́kọ́rọ́ tí fóònù yín fi ń dá a mọ̀, kó wá fara hàn fóònù bíi pé òun gan-an ni hẹ́ẹ̀dìfóònù yín. Ó gba kó sún mọ́ yín, ó sì gba ìmọ̀ gidi, torí náà kì í ṣe iṣẹ́ jáwójáwó inú mólúè. Àmọ́ ẹ ò lè ti inú fóònù fúnra ẹ̀ tún àléébù náà ṣe. Airoha ti kó àtúnṣe fáwọn tó ń ṣe hẹ́ẹ̀dìfóònù. Àwọn ló máa fi í sínú ọ́pídéètì tiwọn, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́.

Ó dáa, bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Détà ni fóònù máa kọ́kọ́ fi wa fáìlì náà wálẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa gbé e gba orí Búlútúùtù lọ sínú ẹ̀rọ. Ibi kejì yìí ló máa ń fa bí ìgbín, ó lè gba ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń ti Búlútúùtù kọ̀ǹpútà mi pa kí òun náà má wá já lu ọ̀rọ̀ náà. Mi ò sì ń bẹ̀rẹ̀ tí bátìrì ò bá tó ìdajì, torí ẹ wo nǹkan kan: tí mo bá ki ṣájà bọ XM4 yìí báyìí... ẹ rí i? Ó kú. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn tó bá ti ń gba iná. Ẹni tó bá ní kóun fi ṣájà gbà á sílẹ̀ láàárín ọ́pídéètì, ó ti da iṣẹ́ rú nìyẹn.

Fóònù gan-an tún lè dà á rú. Àwọn fóònù kan máa ń pa áàpù bí ojú wọn bá ti ṣókùnkùn, kí bátìrì má bàa tán. Ẹ jẹ́ kí áàpù wà lójú títí tó fi parí. Tí hẹ́ẹ̀dìfóònù bá dédé já kúrò lápá ìparí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó ń tan ara ẹ̀ padà ni.

Ti íàpíìsì olójú méjì le díẹ̀, torí apá méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gba fámúwià kan náà. Mo yọ apá ọ̀tún tèmi lẹ́ẹ̀kan kó tó parí, láti dáhùn ìpè. Àtìgbà náà, òsì nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Mo dá méjèèjì padà sínú àpótí tí wọ́n ti ń gba iná, mo gba iná sí i, mo ní kí fóònù gbàgbé wọn, mo tún wọn so, mo sì ṣe ọ́pídéètì náà látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún jí.

Tèmi ti parí báyìí. Ẹ wo nọ́ńbà fámúwià nínú áàpù, ó ti kúrò ní ti tẹ́lẹ̀. Ó ku kí n pe ẹnì kan, kí n gbọ́ bóyá ó ń gbọ́ mi.