Àpá Irorẹ́: Àwọ̀ Ni Àbí Kòtò? Ẹ Gbé Tọ́ọ̀ṣì Wá

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Gbogbo fídíò tí mo bá gbé jáde, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀: "Dókítà, ìpara wo ló ń pa àpá irorẹ́ rẹ́?" Mi ò lè dáhùn láìrí ojú yín, torí nǹkan méjì tí ìtọ́jú wọn ò jọra rárá lẹ ń pè ní àpá. Òní la máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àbúrò wa tó jókòó síbí yìí ló yọ̀ǹda kí ẹ rí ojú òun. Ó ti fọ ojú, kò fi nǹkan kan pa á. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Iná ńlá yìí kọjú sí i tààrà, àmì dúdú nìkan lẹ sì ń rí. Ó dáa, mo ti pa iná náà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè fi ẹ̀gbẹ́ gba orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá. Hẹ́n-ẹ̀n! Ẹ rí i? Gbogbo kòtò tó fara pamọ́ ti jáde.

Mo ń sún tọ́ọ̀ṣì náà síwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo bí òjìji inú àwọn kòtò yẹn ṣe ń bá iná rìn. Ẹ wá wo àmì dúdú tó wà nítòsí àgbọ̀n. Kò mira. Èyí tó bá ń bá iná yí padà, kòtò ni. Èyí tó bá dúró gbọin, àwọ̀ lásán ni. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an, kò sí ẹni tó wọlé tọ̀ mí wá tí mi ò kọ́kọ́ gbé tọ́ọ̀ṣì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ẹ lè ṣe é níwájú dígí lálẹ́ òní.

Ó ku ẹ̀kan. Mo fi ìka méjì na awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí díẹ̀. Kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ yìí pòórá, àbí? Tí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà. Okùn tín-ín-rín kan ló wà lábẹ́ awọ tó ń fà á wọlé. Àmọ́ àwọn ihò méjì tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú yìí, bí mo ṣe ń na awọ tó, wọn ò pòórá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Àmì dúdú la máa kọ́kọ́ sọ. Nígbà tí irorẹ́ bá wú tó sì ń gbóná, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe mẹ́lánìn, ìyẹn aró awọ wa, á ṣe é ní àṣejù. Irorẹ́ lọ, aró kù. Awọ fúnra rẹ̀ ò bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí àmì dúdú fi máa ń ṣá fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Èyí tó bá wọnú jinlẹ̀, tó dà bí eérú, lè ju ọdún kan lọ.

Ohun tó ń mú un pẹ́ jù ni oòrùn. Nítorí náà, ìpara oòrùn ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Ẹ fún un sórí ìka méjì láti ìdí dé orí, ìwọ̀n ojú àti ọrùn nìyẹn, kí ẹ sì tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì tí ẹ bá wà níta. Fún àwa tí awọ wa dúdú, èyí tó ní àwọ̀ bíi pọ́dà nínú dáa jù, torí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí náà máa ń mú àmì dúdú pọ̀ sí i, àwọ̀ yẹn ló sì ń dí i.

Lálẹ́, ẹ fi ìpara irorẹ́ tó ń jẹ́ adapalíìnì pa á, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, tí ẹ bá pa á lálẹ́ kan, kí ẹ fo alẹ́ kejì, kó má baà bó yín lójú. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Ásíìdì aseláíkì ni kí aláboyún béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Ẹ fún un tó oṣù mẹ́ta kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìpara àpòpọ̀ tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ pa àmì dúdú! Ó ń bí mi nínú. Sitẹ́rọ́ọ̀dù ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ojú á mọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà awọ á fẹ́lẹ́, irorẹ́ tuntun á tú jáde, ẹ á sì tún padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Haidirokuínóònù náà, ìyẹn èròjà ìbóra, tí ẹ bá ń lò ó lọ láìdáwọ́ dúró, ó lè sọ ojú di dúdú bí aró, ìyẹn sì ṣòro láti tọ́jú.

Ó yá, kòtò. Níbí, ẹran abẹ́ awọ, kọ́lájìn, ló ti jẹ lọ. Kò sí ìpara tó ń dí i. Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé ìpara òun dí kòtò òun ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìpara náà ta awọ yín ni, awọ wú, kòtò sì fara pamọ́. Ẹ tún gbé tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí àbúrò wa kọ́kọ́ wá, irorẹ́ tó ń gbóná ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ kàn bá mi dí kòtò náà." Mo ní rárá. A ò lè máa dí kòtò kan kí irorẹ́ máa gbẹ́ òmíràn. Oṣù mẹ́ta la fi pa irorẹ́, tí àmì dúdú náà sì ń ṣá lọ.

Lẹ́yìn náà, a kọjú sí kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. A fi oògùn pa ibẹ̀ kú, a ti abẹ́rẹ́ wọ abẹ́ awọ, a sì gé okùn tó ń fà á. Ojú ṣẹ̀jẹ̀ sínú, ó wú, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe é. Ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ti dín tó ìdajì báyìí. Mo sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn, torí ojú kì í padà tẹ́jú bíi pé irorẹ́ ò hù rí.

Ihò tóóró méjì yìí ló kù. Ásíìdì líle kan tó ń jẹ́ TCA ni mo fẹ́ kán sí i. Mo ń fi hàn yín kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lójú yín ni, kì í ṣe kí ẹ lọ ṣe é nílé. Mo ti fi orí igi ṣóńṣó kan án, ìsàlẹ̀ ihò nìkan, kò gbọdọ̀ kan etí ihò. Ẹ wò ó… ó ti funfun. Ó ń ta ọ́, àbí? Pẹ̀lẹ́, kò ní pẹ́. Èèpá máa bò ó, á sì ṣí fúnra rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá fi èékánná ṣí i, àmì dúdú tuntun nìyẹn. A máa tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, torí kọ́lájìn kì í kánjú hù.

Ẹ ń béèrè nípa lésà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ lójú awọ dúdú, èyí tó ń bó awọ lè fi àmì dúdú sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Fífi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ gún awọ ni mo máa ń kọ́kọ́ yàn fún kòtò tí kò jinlẹ̀, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ń ṣe é. Rólà alábẹ́rẹ́ tí ẹ ń yí lójú nílé kò dé ibi tí kòtò wà, tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ lé irorẹ́, ẹ máa gbé kòkòrò rẹ̀ kiri gbogbo ojú ni. Ẹni tí àpá máa ń hù sókè lára rẹ̀, kó sọ fún dókítà kí abẹ́rẹ́ kankan tó kàn án.

Àbúrò mi, má fọ ojú títí di òwúrọ̀ ọ̀la. Tó bá ń ro ọ́ sí i dípò kó rọlẹ̀, tàbí tó ń ṣọyún, pè mí lójú ẹsẹ̀.