Békìrì Bàbá àbí Iṣẹ́ Ìta: Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọ Yẹ̀ Wò Kó Tó Dáhùn

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń parí àgùnbánirọ̀ àti àwọn òbí wọn, ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìfarabalẹ̀.

Ní Èkìtì níbí, òbí á ta kòkó, á ta ilẹ̀, kí ọmọ lè kàwé dé yunifásítì. Ọmọ á sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, ìwé ìgbanisíṣẹ́ á dé láti Ìbàdàn tàbí Èkó. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá á wá bèèrè pé, “Ta ni kí n fi ilé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́?” Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fún un, ojú bàbá ni wọ́n fi ń wò, wọn kì í wo ìwé owó. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju ìbéèrè méjì lọ: ṣé ilé iṣẹ́ náà lè san owó iṣẹ́ rẹ bíi ti àjèjì, àti pé ta ló máa ni ín lọ́jọ́ tí bàbá kò bá sí mọ́? Békìrì la máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Iye owó tí ẹ máa gbọ́, àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe iye ọjà òní, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò náà kò yàtọ̀.

Ká ní békìrì kan wà ní Adó tó ń lo àpò fúláwà mẹ́fà lóòjọ́, ọjọ́ 26 lóṣù. Àpò 156 nìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, igi ìdáná, díísù, ọ̀rá, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti èrè àwọn tó ń gbà á tà, ₦6,000 ló ń ṣẹ́ kù lórí àpò kan. Bàbá á ní, “A ń rí ₦936,000 lóṣù.” Bàbá kò purọ́. Ṣùgbọ́n owó yẹn kì í ṣe èrè.

Bàbá ló ń ṣe ọ̀gá pátápátá, kò sì gba owó oṣù. Bí wọ́n bá gba ẹlòmíì sí ipò rẹ̀, ká ní ₦200,000 ni wọn yóò máa san. Ìyá ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, òun ló ń ṣọ́ ibi ìtajà. Ẹ fi ₦120,000 sí ti Ìyá. Ẹ̀rọ tó ń po fúláwà, ẹ̀rọ tó ń gé búrẹ́dì, ààrò àti jẹnẹrétọ̀, tí gbogbo wọn bá jẹ́ mílíọ̀nù 12, tí a sì fẹ́ pààrọ̀ wọn láàárín ọdún márùn-ún, ₦200,000 ló yẹ kó máa wọ àpótí lóṣooṣù. Ilé náà, bí kò bá jẹ́ ti Bàbá, wọn ì bá máa san ₦100,000. Gbèsè àwọn tó gba búrẹ́dì tí wọn kò padà wá sanwó, ₦66,000. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ₦250,000 ló kù. Ìyẹn ni èrè tí békìrì náà ń mú wá. Ìyókù, òógùn Bàbá àti Ìyá tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ ni, pẹ̀lú ilé àti ẹ̀rọ tí a ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀.

Wàyí o, ká ní wọ́n fẹ́ san ₦180,000 fún ọmọ. Ẹ pín in sí ₦6,000, àpò 30 lóṣù ni. Ìyẹn ni pé bí ọmọ yìí bá dé, tó sì lè mú kí békìrì lo àpò kan àti díẹ̀ sí i lóòjọ́, ó ti san owó oṣù ara rẹ̀. Bí kò bá lè mú un gòkè, inú èrè ₦250,000 yẹn ni yóò ti máa jẹ, ₦70,000 péré ni yóò sì kù fún gbogbo ilé. Ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ bi ara rẹ̀ kò wá ṣòro mọ́: ṣé àyè wà nínú ààrò fún àpò kan sí i? Ta ni yóò rà á? Bí ààrò bá ti kún láti aago mẹ́rin ìdájí títí ilẹ̀ fi mọ́, owó ààrò tuntun gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò náà pẹ̀lú.

Ẹ lè ní Bàbá kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ ọ́. Àpò fúláwà tó ti ṣófo kì í purọ́. Wọ́n máa ń kó wọn jọ láti tà, nítorí náà ẹ kà wọ́n ní ìparí ọ̀sẹ̀. Àpò kan jẹ́ kílò 50. Bí wọ́n bá fi omi lítà 28 po ó, pẹ̀lú ṣúgà kílò márùn-ún, bọ́tà kílò méjì, àti yíìsì òun iyọ̀ tó tó kílò kan, kílò 86 ni fúláwà pípò náà. Bí wọ́n bá ń gé e ní gíráàmù 800, ó yẹ kí búrẹ́dì bíi 105 jáde lórí àpò kan. Bí 95 péré bá ń jáde, mẹ́wàá ti sọnù, lórí àpò mẹ́fà, ọgọ́ta búrẹ́dì lóòjọ́. Kì í ṣe olè ló máa ń fà á nígbà gbogbo. Ẹni tó ń gé e lè máa fi ojú wọ̀n ọ́n, kí ó má lo òṣùwọ̀n, kí ìkọ̀ọ̀kan máa wọ̀n ju gíráàmù 880 lọ. Èyí tó jóná wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fún àlejò Bàbá náà wà níbẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó dáhùn ohunkóhun. Bí ọmọ bá rí i pé ohun tó ń jò pọ̀ tó owó oṣù rẹ̀, ó ti mọ iṣẹ́ tó máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ìta náà bó ṣe rí. Ká ní ₦250,000 ni wọ́n ní Ìbàdàn. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un. Bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo owó náà, ₦20,000 yóò kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ yóò fi ₦25,000 lé e. Yọ ₦50,000 fún ilé àti ₦40,000 fún ọkọ̀, ₦140,000 ló máa dé ọwọ́ kí owó orí tó wọ̀ ọ́. Nílé, ₦180,000 ni, kò sí owó ilé, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì. Lójú, ilé ló dára jù. Ṣùgbọ́n ₦45,000 tó ń wọ àpò ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù jẹ́ ₦540,000 lọ́dún, ó sì ń tẹ̀lé ọmọ lọ síbikíbi. Ẹni tó bá padà sílé, kó bèèrè pé kí békìrì náà máa san án fún òun. Bí òṣìṣẹ́ békìrì bá ti tó 15, òfin ti fi dandan lé e fún gbogbo wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù la dé yìí. Ọ̀pọ̀ békìrì ní Èkìtì, orúkọ okòwò lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Irú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó dá a sílẹ̀: ọjọ́ tí onílé iṣẹ́ bá kú, ẹ̀rọ, ilé àti owó tó wà ní báńkì di ogún rẹ̀. Bí kò bá ṣe ìwé ìhágún, tí ó sì jẹ́ pé àṣà ni wọ́n fi gbé àwọn ìyàwó, ìdí igi ni wọ́n máa ń pín in, ìyẹn ni pé ìpín kan náà fún ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹjọ́ ìdílé Dáwódù láti Èkó dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1962 pé ìdí igi ni ìlànà, orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìpín kan náà, sì jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà láti parí ìjà. (Bí ó bá jẹ́ pé kóòtù ni wọ́n ti gbéyàwó, òfin mìíràn ló máa ṣiṣẹ́. Ẹ bi agbẹjọ́rò.)

Ká ní Bàbá ní ìyàwó méjì, àkọ́kọ́ bí mẹ́rin, èkejì bí méjì. Ọmọ ìyá àkọ́kọ́ ló bójú tó békìrì fún ọdún 15, tí kò gba owó oṣù tó yẹ, tí ó fi owó náà ra ààrò. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí igi, ìdajì fún ìyá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yìí yóò gba ìdá kan nínú mẹ́jọ. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Èkó, tí kò tẹ ilẹ̀ békìrì rí, ọmọ ìyá kejì, yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Ààrò tí ẹ̀gbọ́n fi owó oṣù rẹ̀ rà wà nínú ohun tí wọ́n ń pín. Àbúrò náà kò ṣe ibi kankan. Ohun tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀ ló gbà.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe fi owó oṣù sílẹ̀ nítorí “tìẹ náà ni.” Gba owó oṣù rẹ. Bí Bàbá bá fẹ́ kí ẹ̀ka kan jẹ́ tìrẹ, kí békìrì kọ́kọ́ di kọ́ḿpánì aládàáni, kí Bàbá sì kọ ìpín fún ọ lórúkọ rẹ nígbà tó wà láàyè. Òfin kọ́ḿpánì ti 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ḿpánì aládàáni sílẹ̀, nítorí náà Bàbá kò nílò alábàákẹ́gbẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tó rọrùn ni kí ó máa fún ọ ní ìpín mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, fún ọdún márùn-ún, kí ó pé 20. Ìpín tó kù lọ́wọ́ Bàbá yóò di ogún lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n 20 yẹn kò sí nínú rẹ̀. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mọ̀ sí i kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Èyí tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ẹjọ́ ló máa ń dà.

Ohun kejì tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni àṣẹ. Ọ̀gá ìyan-búrẹ́dì tó gbé ọmọ pọ̀n nígbà kékeré, ó ṣòro kí ọmọ náà máa pàṣẹ fún un. Ẹ má retí pé kó máa pè yín ní ọ̀gá. Ẹ bi í léèrè níwájú àwọn yòókù, ẹ sì jẹ́ kí Bàbá fúnra rẹ̀ sọ fún un ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Àmì pé kò lọ dáadáa ni pé oṣù mẹ́ta ti kọjá, kò sí ohun kan tí ẹ pinnu tí Bàbá kò yí padà, àwọn oníbàárà ṣì ń kọjá yín lọ bá a, owó iléèwé àbúrò sì ṣì ń jáde nínú àpótí ìtajà láìkọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ àdéhùn ojú ìwé kan: iṣẹ́ tó jẹ́ tiyín, owó oṣù, iye tí ẹ lè ná láìbéèrè, ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé báńkì, àti oṣù 18 gẹ́gẹ́ bí ìgbà àyẹ̀wò. Bí ó bá ṣòro láti bá Bàbá sọ ọ́, ẹ gba ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bọ̀wọ̀ fún, ẹ sì mú ìṣirò àpò fúláwà náà dání.

Ẹnikẹ́ni tí Bàbá rẹ̀ kò tíì pé ọgọ́ta, tí ara rẹ̀ sì le, èrò wa ni pé kó kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ níta fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ní pàtàkì níbi tí wọ́n ti ń kọ owó sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí Bàbá bá ti lé ní àádọ́rin, tí kò sì sí ẹlòmíì tó mọ gbèsè àwọn oníbàárà sórí, ìyẹn yàtọ̀. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọmọ ni kó jókòó ti Bàbá, kó kọ orúkọ onígbèsè kọ̀ọ̀kan àti iye tó jẹ sílẹ̀ kí ó tó gbàgbé.