Bí Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun Ṣe Máa Funfun Nínú Fọ́tò Tí A Yà Lábẹ́ Gílóòbù Pupa

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo fọ́tò tó wà níwájú yín yìí. Pálọ̀ kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ni mo ti yà á ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, lábẹ́ gílóòbù méjì tó wà lójú àjà. Bàbá tó jókòó láàárín wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyàwó wọn fọ̀, tí wọ́n fi búlúù díẹ̀ ṣan, tí wọ́n sì lọ̀ títí kọ́là rẹ̀ fi dúró gan-an. Nígbà tí mo fi ojú kámẹ́rà hàn wọ́n, Bàbá wò ó, wọ́n ní, “Ṣé ẹ̀wù mi ló pupa báyìí?” Kí n tó lanu ni Ìyá ti dáhùn: “Ẹ̀wù yẹn kò pupa o. Èmi ni mo fọ̀ ọ́.” Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ẹ̀wù náà funfun; fọ́tò mi ló pupa, àtúnṣe rẹ̀ ni a ó sì jọ ṣe báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó fà á. Bí ẹ bá ti dúró wo alágbẹ̀dẹ rí, ẹ ó ti rí i pé irin tó wà nínú iná a kọ́kọ́ pọ́n, bí ooru bá sì ṣe ń pọ̀ sí i, yóò máa yọ àwọ̀ ìyeyè, yóò sì máa lọ sí funfun. Wáyà tín-ín-rín tó wà nínú gílóòbù ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò dé ibi funfun. Ìwọ̀n tí àwọn ayafọ́tò fi ń sọ àwọ̀ iná ni Kẹ́lífìnì, èyí tí wọ́n ń kọ ní K; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni iná náà ṣe ń pupa tó. Gílóòbù ilé máa ń wà ní nǹkan bí 2700 K sí 2800 K, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tí oòrùn ràn wà ní nǹkan bí 5500 K. Èyí já sí pé pupa pọ̀ gan-an nínú ìmọ́lẹ̀ gílóòbù, búlúù inú rẹ̀ sì kéré. Aṣọ funfun kò ní àwọ̀ tirẹ̀ tí yóò fi bo èyí mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e náà ló ń dá padà. Ojú àwa ènìyàn a máa bá iná inú ilé mu láàárín ìgbà díẹ̀, ìdí nìyí tí Ìyá fi rí ẹ̀wù náà ní funfun nínú pálọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n iye pupa àti iye búlúù tó wọlé ni kámẹ́rà ń kà, kò mọ̀ pé aṣọ funfun ni ó ń wò.

Ẹ̀bi tèmi tún wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo ti ya fọ́tò ní Òkè Olúmọ, mo sì gbé wáìtì bàláǹsì kámẹ́rà, ìyẹn ibi tí a ti ń sọ irú iná tí a wà lábẹ́ rẹ̀ fún un, sí àmì oòrùn. Mo gbàgbé láti yí i padà nígbà tí mo dé Ìtòkú. Kámẹ́rà rò pé a ṣì wà nínú oòrùn, kò sì bá wa dín pupa náà kù rárá. Bí mo bá tiẹ̀ fi í sí èyí tó ń yan àwọ̀ fúnra rẹ̀, fọ́tò náà ì bá dára ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kámẹ́rà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi pupa díẹ̀ sílẹ̀ kí fọ́tò alẹ́ má baà dà bí ti ọ̀sán.

Mo dúpẹ́ pé fáìlì RAW ni mo yà, nítorí pé ohun tí kámẹ́rà kà gan-an ló wà nínú rẹ̀, a sì lè tún wáìtì bàláǹsì yàn bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya fọ́tò náà. Mo ti ṣí i nínú Lightroom, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe. Ẹ wo apá ọ̀tún, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ `Basic` sí: ìlà méjì ló wà níbẹ̀ tí a lè fà sọ́tùn-ún tàbí sósì. `Temp` ń darí àwọ̀ láàárín búlúù àti ìyeyè, `Tint` sì ń darí rẹ̀ láàárín àwọ̀ ewé àti pupa tó fara jọ elésè àlùkò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ohun kan tó dà bí ọ̀pá ìfa-oògùn kékeré wà, orúkọ rẹ̀ ni `White Balance Selector`. Òun ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi í tẹ̀ ni a ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé, “Èyí kò ní àwọ̀ kankan,” òun yóò sì yí gbogbo fọ́tò náà padà títí ibẹ̀ yóò fi bá ọ̀rọ̀ wa mu.

Nítorí náà, ibi tí a bá tẹ̀ lórí ẹ̀wù náà ló ṣe kókó jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Ojú a máa kọ́kọ́ lọ sí èjìká Bàbá, nítorí pé ibẹ̀ ló ń dán jù lọ. Ẹ má tẹ ibẹ̀. Bí mo ṣe gbé ọ̀pá náà lé e, ẹ wo àwọn nọ́ńbà tó jáde: pupa ti dé 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀, a kò sì lè mọ iye pupa tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́ mọ́, torí náà ìṣirò tó bá ti ibẹ̀ jáde kò lè péye. Ẹ má tẹ abẹ́ àgbọ̀n náà, nítorí pé àwọ̀ ara Bàbá ń tàn sórí kọ́là. Ẹ̀gbẹ́ tó súnmọ́ tábìlì onígi náà kò dára, nítorí pé pákó náà ń da pupa tirẹ̀ sára aṣọ. Ibi tí mo fẹ́ràn ni àyà, níbi tí aṣọ ti ká díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì kẹta, tí kò dán jù, tí kò sì ṣókùnkùn. Níbẹ̀, ohun tí mo kà ni pupa 78, àwọ̀ ewé 61, búlúù 33. Aṣọ funfun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ péye yóò ní nọ́ńbà mẹ́ta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, yálà gbogbo wọn ga tàbí gbogbo wọn lọ sílẹ̀. Búlúù tí kò tó ìdajì pupa ni ohun tí Bàbá rí tí wọ́n fi bínú.

Mo tẹ ibẹ̀ báyìí. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di nǹkan bí 62, `Temp` sì ti kúrò ní 5500 ó bọ́ sí 2800. Ohun tó ń dàrú mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tí mo ń kọ́ lójú nìyí: tí 2800 K bá jẹ́ iná pupa, kí ló dé tí fọ́tò fi ń di búlúù bí a ṣe ń fà á lọ síbẹ̀? Ìdí ni pé nọ́ńbà náà kì í sọ àwọ̀ tí a fẹ́ kí fọ́tò ní; iná tí a yà á lábẹ́ rẹ̀ ló ń sọ. Bí a bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé iná náà pupa, yóò fi búlúù kún un láti dí ohun tí iná náà kò ní. Iṣẹ́ tí búlúù ìfọṣọ ń ṣe nínú báàfù Ìyá kò yàtọ̀ sí èyí: ó ń pa ìyeyè aṣọ.

Bí búlúù inú báàfù bá ti wá pọ̀ jù, ẹ ṣọ́ra. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ti mu búlúù jù kì í ṣe funfun mọ́ lójú kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà yóò fi ìyeyè kún gbogbo fọ́tò láti pa búlúù náà. Ojú àwọn ènìyàn yóò wá pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Aṣọ tó ti gbó tó sì ti pọ́n yóò ṣe òdìkejì rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀wù nìkan kọ́ ni a ó wò. Ẹ wo ojú Bàbá. Ní 2800, ẹ̀wù ti funfun nẹ́nẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn dà bí ẹni pé eérú kù sí i, awọ ara dúdú kì í sì í fi irú àṣìṣe yìí pamọ́. Mo rọra fa `Temp` padà sí 2950. Nọ́ńbà ẹ̀wù di pupa 64, àwọ̀ ewé 62, búlúù 58. Ojú ṣì ń rí i ní funfun, ẹ̀jẹ̀ sì ti padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá. Kọ́tìnnì àdìrẹ ẹ̀yìn wọn tún jẹ́rìí sí i: lábẹ́ gílóòbù, aró rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú, ṣùgbọ́n ní báyìí ẹ lè rí i pé aró ni. Èmi kì í fẹ́ kí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba pátápátá nínú fọ́tò alẹ́. Ó yẹ kí ẹni tó bá wò ó mọ̀ pé alẹ́ ni.

Ẹ wo apá òsì Bàbá báyìí. Àyà wọn funfun, ṣùgbọ́n apá ẹ̀wù náà ti di búlúù. Iná kékeré kan tó ń lo bátìrì, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun, ló wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mi ò sì kíyè sí i nígbà tí mo ń yà á. Iná méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ ló bà lé ẹ̀wù kan ṣoṣo, kò sì sí nọ́ńbà `Temp` kan tó lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Mo ṣí `Masking`, mo mú `Brush`, mo fi kun apá ẹ̀wù náà nìkan, mo sì fa `Temp` tibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀tún títí ó fi bá àyà mu. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí mo bá ti pa iná kékeré náà kí n tó yà á, mi ò ní ṣe wàhálà yẹn rárá.

Fọ́tò mọ́kànlá ni mo yà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì fẹ́ da nọ́ńbà yìí kọ sí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò bá mẹ́rin tó gbẹ̀yìn mu. Iná ìjọba ti rẹ̀wẹ̀sì nígbà yẹn. Bí iná tó ń dé gílóòbù kò bá lágbára, wáyà inú rẹ̀ kò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, yóò sì tún pọ́n sí i. Àwọn mẹ́rin náà ní láti gba ìwọ̀n tiwọn, kódà ìwọ̀n àmì gílóòbù tó wà nínú kámẹ́rà kì bá tó wọn, nítorí pé gílóòbù tó lágbára dáadáa ni wọ́n ṣe é fún.

Bí ó bá jẹ́ pé JPEG ni fáìlì yín, ẹ ó mọ̀, nítorí pé `Temp` kò ní sọ Kẹ́lífìnì. 0 ni yóò wà láàárín, pẹ̀lú -100 àti +100 lápá méjèèjì. Ìyeyè díẹ̀ ṣeé tún ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú èyí tí mo yà yìí, kámẹ́rà ì bá ti ju ọ̀pọ̀ nínú búlúù kékeré tó wọlé nù, àwọn ibi òjìji kọ́là yóò sì di àbàwọ́n nígbà tí ẹ bá ń fà á. Nínú RAW pàápàá, bí mo bá sún mọ́ ìṣẹ́po kọ́là Bàbá báyìí, ẹ ó rí wóńwóńwóń bí iyanrìn búlúù: búlúù díẹ̀ tó wọlé ni a fi agbára sọ di púpọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo padà sí pálọ̀ náà láti ya ìdílé náà lápapọ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo pa iná bátìrì, mo ní kí Ìyá bá mi di káàdì aláwọ̀ eérú kan, èyí tí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù rẹ̀ dọ́gba, mú síwájú àyà, lábẹ́ gílóòbù méjì náà, mo sì ya ẹyọ kan. Nígbà tí mo délé, káàdì yẹn ni mo tẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀wù ẹnikẹ́ni.