Gbèsè Àkọ́kọ́ Ọ̀dọ́ Òṣìṣẹ́ àti Bí Ó Ṣe Ń Di Àkọsílẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ péjọ síbí ní Ìbàdàn, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti ń dá àjọ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, láìpa ọjọ́ kan jẹ. Síbẹ̀, bí ẹ bá lọ yá owó ní báńkì, wọn kò ní rí nǹkan kan nípa yín, nítorí alájọ kì í fi káàdì àjọ yín ránṣẹ́ síbi tí àwọn ayánilówó ti ń wo orúkọ.

Ibi tí wọ́n ń wò ni àwọn ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ gbèsè tí Báńkì Àpapọ̀ fún ní ìwé àṣẹ, bíi CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Àwọn wọ̀nyí kì í yáni lówó. Ìròyìn owó tí a yá àti bí a ṣe san án ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n sì ń so mọ́ nọ́ńbà BVN wa. Ẹni tí kò yáwó rí kò lórúkọ burúkú níbẹ̀. Ojú ìwé rẹ̀ ló ṣófo.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì ní Challenge, tó ń gba ₦80,000 ní ọjọ́ 28 oṣooṣù. Kó tó fọwọ́ sí ìwé ní báńkì máíkírófáínáǹsì, kó kọ́kọ́ béèrè ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń jábọ̀ fún. Bí wọn kò bá lè dárúkọ ọ̀kankan, kó lọ síbòmíràn, nítorí owó tó bá san níbẹ̀ lè má hàn níbì kankan. Ká ní ó yá ₦30,000 fún oṣù mẹ́ta, tí èlé oṣù kan jẹ́ ₦1,500: ₦11,500 ni yóò máa san lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ ₦34,500.

Ibi tí mo ti rí ọ̀pọ̀ tó kọsẹ̀ ni ọjọ́ sísan. Bí báńkì bá fi í sí ọjọ́ 25, owó oṣù kò tíì wọlé, ó sì lè pẹ́ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjẹ́ pé ó fẹ́ jẹ gbèsè. Kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sí ọjọ́ kejì oṣù tó tẹ̀ lé e, kó sì rí i pé owó tó wà nínú àkáǹtì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ju ₦11,500 lọ díẹ̀. Bí báńkì bá ti yọ owó tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà lórí àkáǹtì ṣáájú, tó ku ₦11,450, ó ṣeé ṣe kí sísan náà má kọjá.

Nígbà tó bá san tán, kó gba lẹ́tà pé gbèsè ti parí. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, kó béèrè ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: òfin Credit Reporting Act ti ọdún 2017 fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún. Kó wo orúkọ rẹ̀, iye tó yá, àti bóyá òdo ni wọ́n kọ síwájú gbèsè tó kù. Bí wọ́n bá ṣì kọ ọ́ pé ó jẹ owó, kó mú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ fún báńkì àti ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀, kí wọ́n tún un kọ kó tó lọ yá òmíràn.