Abẹ́rẹ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kan, àti ọmọ tó gba ti ìlú Ọba pọ̀ mọ́ tiwa

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ìyá àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sọ n'Ìbàdàn nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin bàbá díẹ̀ tí ẹ bá wa jókòó. Ìwé pupa kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti bímọ sí ìlú Ọba mọ̀ ọ́n: òun ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ àti àjẹsára tó ti gbà. Ìyá kan mú un wá sí ibùdó wa pẹ̀lú ọmọ ọ̀sẹ̀ méjìlá lẹ́yìn. Lọ́ńdọ̀nù ló bí i sí, ó gbé e wá kí ìyá àgbà lè rí i, wọ́n sì fẹ́ lo oṣù márùn-ún. Àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹjọ ló gbà kẹ́yìn, kò sì tíì gba ti òtútù àyà rárá.

Nígbà tí mo sọ pé abẹ́rẹ́ mẹ́ta àti oògùn méjì tí a ó kán sí i lẹ́nu ni ọmọ máa gbà lọ́jọ́ náà, ìyá fa ọmọ mọ́ra. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Àti pé ti ọ̀hún la fi bẹ̀rẹ̀, ṣé kò ní bá ti ibí jà nínú ara rẹ̀?" Ìyá àgbà ti ní ojútùú tirẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, ẹ pín in. Ẹ fún un ní kan lónìí, kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kan lọ́sẹ̀ kejì."

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìyá àgbà ná, nítorí òun ló jọ ọgbọ́n jù.

Ẹ ó máa gbọ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára pé àjẹsára òde òní fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ: pé ti ayé àtijọ́ ní èròjà tó lé ní 3,000 tí ara ọmọ gbọ́dọ̀ dá mọ̀, ti báyìí kò sì tó 200. Òótọ́ ni, àmọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sọ. Abẹ́rẹ́ ikọ́ líle, ìyẹn ikọ́ tí ọmọdé máa ń wú títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé, ló kó èròjà púpọ̀ yẹn wá, torí odidi kòkòrò tí wọ́n ti pa ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ tiwọn sí èyí tó jẹ́ pé ìwọ̀nba ẹ̀yà kòkòrò náà ló wà níbẹ̀. Pẹ́ńtà, ìyẹn abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún, ikọ́ líle sì wà nínú wọn, ni à ń lò ní Nàìjíríà, ó sì ṣì gbé odidi kòkòrò. Nítorí náà èmi kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn tu ìyá kankan nínú, kò bá tiwa mu.

Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí abẹ́rẹ́ tuntun tó bá àwọn tó wà nílẹ̀ wọ ètò ọjọ́ kan náà, wọ́n á ti fún àwọn ọmọ kan ní méjèèjì pọ̀, wọ́n á fún àwọn mìíràn ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n á sì ka iye ọmọ tí ara wọn gbóná. Ohun tí wọ́n sábà máa ń rí ni pé ààbò kò dín, pé ara gbígbóná lè pọ̀ sí i díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì. Iye tí ọjọ́ kan náà ń ná wa nìyẹn. Àrùn ni ìyá àgbà fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì rà: iye abẹ́rẹ́ kò dín, ẹkún kò dín, ọmọ tí kò ní ààbò òtútù àyà á sì tún ṣí sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ibì kan wà tí pípín in lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tiẹ̀ ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Ní oṣù kẹsàn-án, ọmọ máa ń gba abẹ́rẹ́ èéyi àti ti ibà apọ́njú. Kòkòrò inú àwọn méjèèjì wà láàyè, wọ́n kàn ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ pọ̀ díẹ̀ nínú ara kí ara tó mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ bá gba ti èéyi lónìí, ara á tú èròjà kan jáde tí wọ́n ń pè ní ińtáfẹ́rọ́ọ̀nù, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò bíi tirẹ̀ pọ̀. Bí ti ibà apọ́njú bá wá wọlé lọ́jọ́ kẹwàá, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ọmọ á gba abẹ́rẹ́, káàdì á kún, ààbò lè má sí. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní: lọ́jọ́ kan náà, tàbí kí ó tó ọjọ́ 28 sí ara wọn. Èyí tí a bá fún un láàárín méjèèjì, a ò kà á, a ó tún un fún un. Àwọn tí à ń kán sí ẹnu, ti rọpárọsẹ̀ àti ti ìgbẹ́ gbuuru, kò sí nínú òfin yìí.

Kí n má sì fi nǹkan pamọ́: ọjọ́ kan náà fúnra rẹ̀ kì í pé pérépéré nígbà gbogbo. Ní Bùràsíìlì, wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní ibà apọ́njú pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ tó so èéyi, sẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti rùbẹ́là pọ̀. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní ọgbọ̀n ọjọ́ síra wọn. Nínú àwọn tó gbà á pọ̀, nǹkan bí 70 nínú 100 ni ara wọn dá ibà apọ́njú mọ̀. Nínú àwọn tí wọ́n fi àyè sí i fún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90. Ti èéyi kò dín. Bùràsíìlì wá ní kí wọ́n fi ọgbọ̀n ọjọ́ sí i fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣì fọwọ́ sí ọjọ́ kan náà, torí ọmọ tí kò bá padà wá kò ní ní nǹkan kan rárá. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn fún ibí yìí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí a fi ń ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé Bùràsíìlì pàápàá kò sọ pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ti ìyá náà: ti òyìnbó pẹ̀lú tiwa. A ṣí ìwé pupa náà sílẹ̀ lórí tábìlì, a mú un lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọmọ gba abẹ́rẹ́ kan tó gbé àrùn mẹ́fà: dífítíríà, ipá, ikọ́ líle, mẹ́dọ̀wú, rọpárọsẹ̀ àti kòkòrò Híìbù tó ń fa yírùnyírùn. Pẹ́ńtà tiwa gbé márùn-ún nínú wọn; rọpárọsẹ̀ ló yọ sílẹ̀. Nítorí náà a fi pẹ́ńtà ṣe èkejì, a kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a sì fi abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ dí àlàfo. Ẹ̀kọ́ tí abẹ́rẹ́ kọ ara ni ara ń rántí, kì í rántí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bí a bá rí èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òun la ó lò, pàápàá fún ikọ́ líle. Bí a kò bá rí i, èyí tó wà nílẹ̀ sàn ju ìdúró lọ. Mo kìlọ̀ fún ìyá pé ara ọmọ lè gbóná ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ, torí odidi kòkòrò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ti ìgbẹ́ gbuuru ló máa ń dojú rú. Rótáríìsì tí wọ́n ń kán lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń parí. Tiwa, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọmọ yìí ti gba Rótáríìsì kan. Ẹnì kan nínú àwa òṣìṣẹ́ ní, "Èkejì rèé, ó ti tán." Rárá o. Bí ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ bá ti jẹ́ oògùn ẹlẹ́ẹ̀mẹta, tàbí bí a kò bá mọ èyí tí wọ́n kán tẹ́lẹ̀, àpapọ̀ gbọ́dọ̀ pé mẹ́ta. A kọ ọ́ sí káàdì: èkejì lónìí, ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Pẹ́ńtà ní itan òsì. Abẹ́rẹ́ òtútù àyà ní itan ọ̀tún, ti rọpárọsẹ̀ ní itan ọ̀tún kan náà, kí ó fi 2.5 sẹ̀ntímítà jìnnà sí i, bí ìbú ìka méjì tẹ́ẹ́rẹ́. A kì í ṣe é torí ẹwà: bí ibì kan bá wú, a ó mọ abẹ́rẹ́ tó fà á.

Dída méjì pọ̀ tó ń pani wà, àmọ́ kì í ṣe inú ara ọmọ ló ti ń ṣẹlẹ̀, inú ìgò ni. A kì í fa abẹ́rẹ́ méjì sínú sírínjì kan. Abẹ́rẹ́ èéyi tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, omi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i nìkan la fi ń pò ó. Omi ti ilé iṣẹ́ mìíràn kò bá a mu. Ní Ídílíbù ní Síríà, lóṣù kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n fi oògùn tí wọ́n fi ń mú iṣan dẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ pò ó, torí ìgò rẹ̀ jọ ti omi, wọ́n sì jọ wà nínú fíríìjì. Ọmọ 15 kú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ lè ní kí nọ́ọ̀sì fi ìgò méjèèjì hàn yín. Nọ́ọ̀sì gidi kò ní bínú.

Kí wọ́n tó lọ, ìyá yọ parasẹ́tamọ̀ nínú àpò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí ó fún ọmọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ láìdúró de ibà. Mo ní kí ó dá a padà. Ó wò mí bíi pé mo ń bá dókítà ọ̀hún jà. N kò bá a jà. Abẹ́rẹ́ yírùnyírùn kan wà nínú ti ọ̀sẹ̀ kẹjọ wọn tó máa ń mú ara gbóná gan-an. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé parasẹ́tamọ̀ kò dín agbára rẹ̀ kù. A kò fún un nìyẹn níbí. Fún àwọn yòókù, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2009 láti ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì fi hàn pé parasẹ́tamọ̀ tí a fún ọmọ ṣáájú ibà dín ibà kù láti 66 nínú 100 sí 42, ó sì dín èròjà ààbò inú ẹ̀jẹ̀ kù pẹ̀lú. Bí ara bá gbóná tí ọmọ sì ń jìyà, ẹ fún un nígbà náà, ní ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì bá sọ.

Ibà pẹ́ńtà máa ń dé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ méjì. Ti èéyi ló máa ń pẹ́, ó máa ń dé láti nǹkan bí ọjọ́ keje sí ìkejìlá. Ibà tó bá wá lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn pẹ́ńtà, ẹ má dì í mọ́ abẹ́rẹ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn. Ọmọ tó bá ń ké fún wákàtí mẹ́ta láìdákẹ́, tó bá rọ tí ojú rẹ̀ funfun, tàbí tí kò bá mu ọmú, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e wá.

Ara ọmọ wa gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dé 38.4. Ó mu ọmú, ó sùn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí ó fi rọlẹ̀. Itan òsì le díẹ̀, ti ọ̀tún kò wú. Wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a kán ẹ̀kẹta sí i lẹ́nu. Lójú ewé ìwé pupa náà, ìlà kan ṣì ṣófo: èkejì ti yírùnyírùn tí a kò ní níbí. Mo fi báírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbà á ní Lọ́ńdọ̀nù.